Ìtọ́ni Tàbí Àpẹẹrẹ: Bí Ṣátíbọ́ọ̀tì Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn Ń Wí

Àgbẹ̀ tó bá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Tedé tàbí Àgọ́-Àrẹ kì í dédé já lu ohun tó ń dà á láàmú. Yóò kọ́kọ́ kí ni: ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Yóò fi àdúrà díẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yóò ti wá sọ, nínú gbólóhùn kan péré, pé kòkòrò ti wọ àgbàdo òun. Kò ní fi àmì ohùn sí i, kò ní fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, ó sì ṣeé ṣe kó má fi àmì ìdánudúró kankan sí i pẹ̀lú. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò kà á, yóò sì yé e lójú ẹsẹ̀.

Ká wá fi sí pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ṣakí ń gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ 400 lójúmọ́ lórí wáàsáàpù, láti Ìsẹ́yìn títí dé Kíṣí. Akọ̀wé méjì ni wọ́n ní. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí ṣátíbọ́ọ̀tì ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì pín in sí ìsọ̀rí, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Ọ̀rọ̀ kòkòrò àti àrùn yóò lọ bá ẹni tó mọ ìtọ́jú ohun ọ̀gbìn. Ọ̀rọ̀ òjò àti ìgbà gbígbìn ní ẹni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà, ìyẹn iye owó, olùrà àti ọkọ̀, yóò lọ sọ́dọ̀ alága ọjà. Ọ̀rọ̀ màlúù tó wọ oko, tí yóò lọ bá ìgbìmọ̀ aláàbò, ni kò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀ rárá, nítorí ní Òkè-Ògùn, ẹ̀sùn tí wọn kò bá tètè dá sí láàárín àgbẹ̀ àti darandaran lè di ìjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyókù yóò bọ́ sí ìsọ̀rí karùn-ún, òmíràn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi yé ṣátíbọ́ọ̀tì. Èkíní ni kí a kọ ìtọ́ni fún un, kí a sọ ohun tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti ibi tí ààlà wọn wà. Èkejì ni kí a má ṣàlàyé púpọ̀, kí a kàn to ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ bíi mélòó kan síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìsọ̀rí tí ó tọ́ sí wọn, kí ó fi ìyẹn mọ bí yóò ṣe ṣe èyí tó kù. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń jiyàn lé ọ̀nà méjèèjì lórí, mo sì rí i pé olúkúlùkù ní ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ìtọ́ni lè rí báyìí:

```
Ka ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ yìí. Fi ìsọ̀rí kan ṣoṣo dáhùn.
kokoro - kòkòrò tàbí àrùn ń ba irè oko jẹ́
ojo    - òjò, ọ̀dá, ìgbà tí ó yẹ kí a gbìn
oja    - iye owó, olùrà, ọkọ̀ tí yóò kó irè
maluu  - ọ̀rọ̀ màlúù
omiran - kò sí nínú mẹ́rin òkè yìí
Má wo ìkíni àti àdúrà; wo ohun tí ó ń béèrè.
Bí màlúù bá wà nínú ọ̀rọ̀, maluu ni ìdáhùn,
ohun yòówù kó tún wà níbẹ̀.
```

Àpẹẹrẹ, ní tirẹ̀, lè rí báyìí, bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ọ́ gan-an:

```
Oro: E ku ise o. Agbado mi ni ewe re n lu, igbe kokoro
po ninu okan re
Isori: kokoro

Oro: E ku irole. Se a le gbin ewa bayii abi ka duro de ojo
Isori: ojo

Oro: Maluu wo oko ege mi lanaa. E ba mi wa eni ti yoo ra
eyi to seku
Isori: maluu
```

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ba ibi tí àríyànjiyàn yìí ti wá. Ní 2020 ni Tom Brown àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní OpenAI gbé ìwé jáde lórí GPT-3, ẹ̀rọ èdè tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú òǹkà bílíọ̀nù 175 nínú rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé bí a bá to àpẹẹrẹ díẹ̀ síwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ lákànṣe. Òǹkà kankan nínú rẹ̀ kò yí padà o. Ó dà bí ọmọṣẹ́ tí ó máa ń gbàgbé gbogbo nǹkan lóru, tí ọ̀gá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tún fi aṣọ òkè kan náà hàn án láràárọ̀ kó tó jókòó sídìí òfì. Nígbà yẹn, àpẹẹrẹ borí ìtọ́ni dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ GPT-3 kò ju kí ó sọ ọ̀rọ̀ tó kàn lọ. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń pàṣẹ fún òun. Láti 2021 sí 2022 ni àwọn olùṣèwádìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí láti máa tẹ̀ lé ìtọ́ni ènìyàn, bí FLAN àti InstructGPT, ọ̀nà yẹn ni ChatGPT sì gbà jáde ní oṣù kọkànlá 2022. Láti ìgbà náà ni ìtọ́ni ti di ohun tí a lè gbára lé.

Ẹni tó fara mọ́ àpẹẹrẹ yóò sọ pé ìtàn yẹn kò kan Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú ohun tí ẹ̀rọ wọ̀nyí kà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí wọ́n kà kò pọ̀, èyí tí wọ́n sì kà jẹ́ ti oníròyìn, ti Bíbélì, ti ìwé tí wọ́n tún ṣe kí ó tó jáde. Ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ Ìgànná tàbí Òkèhò fi àtàǹpàkò tẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ohùn Òǹkò rẹ̀ ń yọ lára rẹ̀, kò sí nínú wọn bí kò ṣe fírífírí. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìtọ́ni pé “àwọn àgbẹ̀ wa máa ń kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i”, kò burú, ṣùgbọ́n ìsọfúnni lásán nìyẹn. Àpẹẹrẹ ni yóò jẹ́ kí ó rí i lójú.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: “E ku ojo meta. Oko ko si, isu mi n baje nita.” Ọkọ̀ ni àgbẹ̀ yìí ń wá. Iṣu rẹ̀ ti jáde kúrò nínú ebè, ó ti tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò rí ẹni tí yóò kó o dé ọjà. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fún ní ìtọ́ni nìkan lè ka “oko” sí ibi tí a ti ń ro ilẹ̀, kí ó rí “n baje”, kí ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún oníkòkòrò. Nínú ìtọ́ni tí mo kọ sókè, a dárúkọ ọkọ̀ lábẹ́ ọjà, pẹ̀lú àmì tó pé. Ẹ̀rọ lè má so ó pọ̀ mọ́ “oko” tí kò ní àmì. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan nínú àpẹẹrẹ bá jẹ́ “Oko ti yoo ko ata wa lati Igboho ko tii de”, tí ìsọ̀rí rẹ̀ jẹ́ `oja`, ó ṣeé ṣe kí ó mú un. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní kí a fi kún ìtọ́ni pé “oko” lè jẹ́ ọkọ̀. Ó dára. Owo ńkọ́? Igba ńkọ́? Ogede ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ sínú ìtọ́ni yóò kọ ìwé atúmọ̀ èdè.

Ohun kejì tí àpẹẹrẹ ń ṣe kò hàn sí ojú, bẹ́ẹ̀ ó sì ṣe pàtàkì: ó ń fi bí ìdáhùn yóò ṣe rí hàn. Láìsí àpẹẹrẹ, ẹ lè rí “Ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ yìí ni kòkòrò nítorí pé…” níbi kan, “Kokoro.” níbi mìíràn, àti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi níbi kẹta. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń dúró de `kokoro` lásán yóò dojú dé. Pẹ̀lú àpẹẹrẹ mẹ́ta, wàhálà yẹn sábà máa ń tán.

Ní 2022, Sewon Min àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n mú àpẹẹrẹ, wọ́n fi ìsọ̀rí tí wọ́n kàn ṣàdédé mú lé e lórí, kì í ṣe èyí tí ó tọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ burú sí i. Ohun tí ẹ̀rọ rí gbà nínú àpẹẹrẹ ni orúkọ àwọn ìsọ̀rí tó wà, irú ọ̀rọ̀ tí yóò máa rí, àti bí ìbéèrè àti ìdáhùn ṣe tò. Ẹni tó fara mọ́ ìtọ́ni máa ń fi ìwádìí yìí ṣe ohun ìjà: ẹ ò rí i pé àpẹẹrẹ kì í kọ́ni ní nǹkan kan, ó kàn ń fi bí ìdáhùn ṣe gbọ́dọ̀ rí hàn ni! Mi ò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lọ́dún kejì, Jerry Wei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Google fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ tó tóbi gan-an a máa tẹ̀ lé ìsọ̀rí inú àpẹẹrẹ, kódà bí a bá yí i sódì pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ńlá òde òní tí ó sì fi àpẹẹrẹ tí kò tọ́ síbẹ̀ yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Ó yẹ kí a wo òdìkejì báyìí, nítorí ẹjọ́ ìtọ́ni lágbára ju bí àwọn alápẹẹrẹ ṣe máa ń gbà lọ.

Àpẹẹrẹ kì í sọ ìdí. Ẹ padà wo àpẹẹrẹ kẹta sókè, ti màlúù tó wọ oko ẹ̀gẹ́ tí olóko sì ń wá ẹni tí yóò ra èyí tó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀: ẹ̀sùn àti títà. A fi sí `maluu`. Kí ni ẹ̀rọ yóò rí kọ́ nínú rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ohun tí àgbẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ ni kí a tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ pé ohun tó bá gùn jù ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ló ń pe màlúù. Ìdí gidi ni pé ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé ewu ni kí a kọ́kọ́ wò, kí ọjà tó tẹ̀ lé e; ìpinnu àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni, kò sí lára ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ náà. Gbólóhùn ìtọ́ni kan sọ ọ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ nìkan sọ ọ́ yóò to mẹ́fà, méje, tí màlúù bá òjò pàdé nínú ọ̀kan, tí ó bá kòkòrò pàdé nínú òmíràn, kó tó hàn.

Ṣùgbọ́n ìtọ́ni náà ní àrékérekè tirẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kan sínú èyí tí mo kọ. “Bí màlúù bá wà nínú ọ̀rọ̀, maluu ni ìdáhùn.” Ó dún bí òfin gidi. Kí àgbẹ̀ kan wá kọ pé: “Mo fe ta maluu meji ki odun to de, elo ni won n ra a ni Saki?” Ẹ̀rọ yóò ṣe bí a ṣe wí, yóò sì gbé e fún ìgbìmọ̀ aláàbò pé ìjà ti fẹ́ bẹ́. Òmíràn kọ pé ìgbẹ́ màlúù ni òun fi ń gbin tòmátì, ewé rẹ̀ sì ń pọ́n. Ìyẹn náà yóò lọ bá ìgbìmọ̀. Ẹ̀rọ kò ṣàìgbọràn. Àwa la kọ ohun tí a kò ní lọ́kàn. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni: “bí ẹran ọ̀sìn bá wọ oko tàbí tí ó jẹ irè oko”. Àtúnṣe gbólóhùn kan ni, ó sì tán. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtọ́ni nìyí: bí ó bá kùnà, ènìyàn lè fi ìka tọ́ ibi tó ti kùnà. Bí àpẹẹrẹ méjìlá bá ṣi ẹ̀rọ lọ́nà, èwo nínú wọn ló jẹ̀bi?

Ẹ̀sùn tó wúwo jù tí wọ́n fi kan àpẹẹrẹ ni ti iye àti ètò. Ní 2021, Tony Zhao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ohun tó ń mú kí GPT-3 ṣe dáadáa lónìí kó sì bàjẹ́ lọ́la lórí iṣẹ́ kan náà. Wọ́n rí i pé ìsọ̀rí tó bá pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ ni ẹ̀rọ máa ń fà sí, àti pé èyí tó bá gbẹ̀yìn nínú wọn tún ń fà á ju ti ìṣáájú lọ. Bí wọ́n bá kàn tún àpẹẹrẹ kan náà tò lọ́nà mìíràn, láìfi kún un, láìyọ kúrò, iṣẹ́ ẹ̀rọ lè bọ́ láti ibi tó sún mọ́ èyí tó dára jù dé ibi tí kò fi sàn ju kí a máa méfò lọ. Àwọn ẹ̀rọ òde òní kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó ti àtijọ́, àmọ́ àìsàn náà kò tíì tán lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Ṣakí wò ó. Ká ní akọ̀wé méjèèjì mú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ 100, wọ́n fi ọwọ́ pín in: kòkòrò 46, òjò 25, ọjà 16, màlúù 8, òmíràn 5. Bí wọ́n bá mú àpẹẹrẹ méjìlá láìṣà láti inú ọ̀rọ̀ mìíràn tó pín bẹ́ẹ̀, kòkòrò yóò tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, màlúù yóò sì jẹ́ ẹyọ kan bí orí bá bá wọn ṣe é. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé, nínú ìgbà mẹ́ta tí wọ́n bá mú méjìlá, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ni kò ní sí màlúù rárá. Ìsọ̀rí tí a torí rẹ̀ kó gbogbo ètò yìí sílẹ̀ ni kò ní sí nínú àpẹẹrẹ! Nítorí náà, wọn yóò ní láti ṣà wọ́n: méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dà wọ́n pọ̀, kí ìsọ̀rí kan náà má tò léra. Ìyẹn náà ní owó tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó rí màlúù mẹ́ta àti kòkòrò mẹ́ta lè rò pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń wọ́pọ̀, kó wá máa pe ohun tí kì í ṣe màlúù ní màlúù. Ní tèmi, bí yóò bá ṣìnà, kó ṣìnà síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè lásán yóò bínú díẹ̀, èyí tí wọn kò pè nígbà tó yẹ ni yóò dá ìlú rú.

Ọ̀rọ̀ 100 yẹn kan náà ni a ó fi mọ̀ bóyá a ti rí i ṣe, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń kánjú nìyí. Àwọn akọ̀wé méjèèjì kò gbọdọ̀ pín in pa pọ̀. Kí oníkálùkù ṣe tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n tó fi wéra. Nígbà tí wọ́n ń kó NaijaSenti jọ, àkójọ ọ̀rọ̀ Tuwítà ní Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Píjìn tó jáde ní 2022, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ní kó sọ bóyá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dára, kò dára, tàbí kò sí níbì kan. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó sọ èdè láti ìyá rẹ̀ wá pàápàá kì í gbà pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Níbi tí akọ̀wé Ṣakí méjèèjì bá ti yapa, kí wọ́n jókòó sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ yẹn, ìtọ́ni ni. Kò sí àpẹẹrẹ tó lè parí ohun tí ènìyàn méjì ṣì ń jà lé lórí.

Lẹ́yìn náà, wọn yóò kó 100 náà fún ẹ̀rọ, kí wọ́n rí i dájú pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí wọ́n lò bí àpẹẹrẹ. Bí ó bá wà níbẹ̀, ìdáhùn ni wọ́n fi fún un nínú ìdánwò. Wọn kò sì gbọdọ̀ ka iye tí ó gbà lápapọ̀ nìkan. Ẹ̀rọ tó gbàgbé gbogbo màlúù mẹ́jọ tó sì gba ìyókù yóò ní máàkì 92 nínú 100. Ẹni tí kò yẹ̀ ẹ́ wò yóò fò sókè. Kí wọ́n ka ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: nínú màlúù mẹ́jọ, mélòó ló mú? Nínú gbogbo ohun tó pè ní màlúù, mélòó ló jẹ́ màlúù lóòótọ́? Mẹ́jọ kéré, ẹyọ kan ṣoṣo ń sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ láti pípé bọ́ sí ìdá méje nínú mẹ́jọ, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ màlúù sí i nínú èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ títí tí yóò fi tó 30 tàbí 40.

Ìdánwò kan tún wà fún ẹni tó bá lo àpẹẹrẹ, kò sì gba wákàtí kan. Yí ètò wọn po, kí èyí tó gbẹ̀yìn di àkọ́kọ́, kí o tún ṣe 100 náà. Bí ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta bá yí padà, kò ṣe nǹkan. Bí ogún bá yí padà, ètò ló ń dáhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Fún ẹni tó lo ìtọ́ni nìkan, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni kó tún ìtọ́ni kan náà kọ ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀. Òun náà lè rí ohun tí yóò yà á lẹ́nu. Albert Webson àti Ellie Pavlick fi hàn ní 2022 pé nígbà mìíràn àwọn ẹ̀rọ a máa ṣe dáadáa bákan náà pẹ̀lú ìtọ́ni tí kò bá iṣẹ́ mu rárá. Ìgbọràn wọn kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n gbọ́ ọ yé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìwọ̀n dé fún èdè wa lè wo MasakhaNEWS, iṣẹ́ àwọn ará Masakhane tó jáde ní 2023. Wọ́n kó ìròyìn jọ ní èdè mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń sọ ní Áfíríkà, ti Yorùbá wá láti BBC Yorùbá, wọ́n sì pín in sí ìsọ̀rí méje, lára wọn ìṣèlú, ìlera, eré ìdárayá àti ẹ̀sìn. Nígbà tí wọ́n fi ìtọ́ni lásán bi ChatGPT, ó gba nǹkan bí 70 nínú 100, ní ìpíndọ́gba gbogbo èdè náà, ní ìdíwọ̀n F1, tó ń wo ohun tí ẹ̀rọ gbójú fò àti ohun tó pè ní ohun tí kì í ṣe pa pọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi gbogbo àkójọ kọ́ gba 92.6. Èyí tí wọ́n fi àpẹẹrẹ mẹ́wàá péré fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kọ́ gba 86. Alápẹẹrẹ yóò pàtẹ́wọ́. Kó rọra ṣe o: ọ̀nà tí wọ́n fi lo mẹ́wàá yẹn ń yí òǹkà inú ẹ̀rọ padà, kì í ṣe pé kí a kàn tò wọ́n sínú ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́. Ìròyìn BBC sì jẹ́ Yorùbá tí olóòtú ti kà. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìtọ́ni lásán fi àyè ńlá sílẹ̀, àti pé àpẹẹrẹ díẹ̀ tí ènìyàn fara balẹ̀ ṣà lè di púpọ̀ nínú àyè náà.

Owó náà wà níbẹ̀. Nítorí ẹ̀rọ kì í rántí, gbogbo àpẹẹrẹ ni a ó máa tún fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ 25 di 300; ní ìgbà 400 lójúmọ́, ó di 120,000. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ń gba owó lórí ègé ọ̀rọ̀, kì í ṣe lórí odindi ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ wọn sì máa ń gé Yorùbá, pàápàá èyí tó ní àmì, sí wẹ́wẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń gé Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìtọ́ni ìlà mẹ́wàá kò náni tó bẹ́ẹ̀. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ka kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ó sì tún yẹ kí wọ́n yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò nínú àpẹẹrẹ kó tó lọ sí orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, nítorí ẹ̀sùn tí àgbẹ̀ kan fi kan darandaran kì í ṣe ohun tí a ń gbé kiri.

Bí wọ́n bá bi mí, ohun tí mo máa sọ fún àwọn akọ̀wé Ṣakí ni pé kí wọ́n kọ ìtọ́ni ná, kí wọ́n fi 100 yẹn dán an wò, kí wọ́n to àwọn tó ṣì sójú kan, kí wọ́n sì kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣì nítorí ààlà kò hàn, bíi ti ẹni tó ń ta màlúù méjì, kí wọ́n lọ tún ìtọ́ni ṣe. Èyí tó ṣì nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ bí a ṣe ń kọ̀wé, bíi ti ọkọ̀ tí kò dé, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, kí wọ́n fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ yóò sọ fún wọn pé ẹ̀rọ òde òní kò nílò àpẹẹrẹ púpọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Òkè-Ògùn, mo rò pé àpẹẹrẹ yóò tètè wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò tilẹ̀ ju mẹ́fà.

Ibì kan kù tí ọ̀nà méjèèjì ti máa ń jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn dẹ̀. Oṣù kẹfà ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ 100 yẹn jọ, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí àgbàdo wà lóko, tí kòkòrò tó wọ Nàìjíríà ní 2016 ń jẹ ẹ́ láti inú ọkàn rẹ̀. Gbogbo àpẹẹrẹ wọn yóò sì rùn fún àgbàdo àti ẹ̀wà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Koríko gbẹ, màlúù wá ẹ̀gẹ́ tó ṣì tutù lọ, ìsọ̀rí tó jẹ́ mẹ́jọ lè di ogójì. Ní oṣù kejì sí ìkẹrin, kajú ni gbogbo ènìyàn ń tà. Ìtọ́ni kò ní yẹ̀ púpọ̀, nítorí kò dárúkọ irè kan. Àpẹẹrẹ ni wọn yóò pààrọ̀, wọn yóò sì tún ní láti kó ọ̀rọ̀ tuntun jọ fún ìdánwò. Láàárín ìyẹn ni ẹnì kan láti Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yóò kọ pé: “E ku ise. Ina jo oko kaju mi moju, kini ki n se?” Kò sí iná nínú ìtọ́ni, kò sí nínú àpẹẹrẹ. Ẹ̀rọ yóò fi sí `omiran`, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kánjú kà á, àfi bí wọ́n bá ti yan akọ̀wé kan tí yóò máa ṣí ìsọ̀rí yẹn láràárọ̀, tí yóò sì lè sọ ìgbà tí ó yẹ kí iná di ìsọ̀rí kẹfà.